Mọ́ínmọ́ín àná, àkàrà àná: èwo ló ṣì ṣe é jẹ?

Ní oṣù kẹta ọdún tó kọjá, a ṣe ìkómọ nílé wa ní Ìṣẹ́yìn. Ẹni tó bá mọ Òkè-Ògùn mọ bí oṣù kẹta ṣe máa ń rí. Òjò kò tíì dúró dáadáa, ooru ń mú, bó sì di ọ̀gànjọ́ òru pàápàá, ògiri ilé ṣì ń gbóná. Sátidé ni ìkómọ bọ́ sí. Àwọn ìyá wa kò fẹ́ kí àlejò dé bá wọn lẹ́nu iná, nítorí náà wọ́n se mọ́ínmọ́ín ní alẹ́ Fúráìdé. Bí wọ́n ṣe ń gbé e kúrò nínú ìkòkò ni wọ́n ń tò ó sínú kúlà ńlá méjì, wọ́n sì dé e pa. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dín àkàrà, wọ́n kó o sínú apẹ̀rẹ̀ fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan, wọ́n sì fi aṣọ fẹ́lẹ́ bò ó.

Lọ́jọ́ kejì, ó ti di ọ̀sán kí wọ́n tó ṣí kúlà. Mọ́ínmọ́ín náà ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò rùn, kò fà, adùn rẹ̀ sì pé. Gbogbo wa ló ń yin kúlà. Nígbà tó di nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run àwọn kan. Kí ilẹ̀ tó mọ́, èèyàn mẹ́jọ ló ti ń sáré lọ sí ilé ìgbẹ̀.

Ẹnì kan ní ata ló pọ̀ jù. Ẹlòmíì ní omi ni. Ìyá àgbà wa dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá bi wá pé, "Ta ló jẹ àkàrà nìkan nínú yín?" Àwọn tó jẹ àkàrà nìkan nawọ́. Kò sí èyí tí nǹkan kan ṣe nínú wọn. Àwọn tó jẹ mọ́ínmọ́ín kan náà ní alẹ́ Fúráìdé, nígbà tó ṣì ń ru èéfín, náà wà láìsí wàhálà. Ìyá àgbà ní, "Ẹ fi ata sílẹ̀. Òru ló ṣe é."

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ìbéèrè tèmi ni pé, kí ni òru ṣe sí mọ́ínmọ́ín tí kò ṣe sí àkàrà? Ṣebí ẹ̀wà kan náà ni. Ìyá kan náà ló rẹ ẹ́, ló bó o, ọlọ́ta kan náà ló bá wa lọ̀ ọ́.

Ohun tí omi híhó kò lè pa

Inú ilẹ̀ ni ẹ̀wà ti ń hù. Nígbà tí wọ́n bá ń ká a, tí wọ́n ń sá a, tí wọ́n ń pa á lórí ilẹ̀, erùpẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ ọn. Àwọn kòkòrò àìfojúrí kan, ìyẹn bakitéríà, wà nínú erùpẹ̀ náà. Ọ̀kan tó ṣe pàtàkì nínú wọn ni wọ́n ń pè ní Básílọ́ọ̀sì séréọ́ọ̀sì. Tí ibi tó wà bá gbẹ tàbí tó bá le jù fún un, kì í kú. Ṣe ló máa ń ká ara rẹ̀ jọ sínú èèpo líle kan, táá sì sùn. Orúkọ tí wọ́n ń pe èyí tó ti sùn yìí ni sípóò. Ẹ fi wé kóró inú èso: kóró lè wà nílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, àmọ́ tí omi àti ooru díẹ̀ bá kàn án, ó hù nìyẹn.

Tí ẹ bá se mọ́ínmọ́ín, ooru inú ìkòkò kì í ju dígírì 100 lọ. Ó tó láti pa bakitéríà tó ń rìn kiri, ṣùgbọ́n kò tó láti pa gbogbo sípóò. Ooru yẹn gan-an tún máa ń jí ọ̀pọ̀ nínú wọn. Bí oúnjẹ náà bá wá ń tutù bọ̀, sípóò tó ti jí yóò bá ara rẹ̀ nínú oúnjẹ tó rọ̀, tó kún fún omi, tí àwọn bakitéríà yòókù tí ì bá bá a du oúnjẹ sì ti kú. Kí ló tún kù? Á bẹ̀rẹ̀ sí í bí sí i ni.

Ọmọ orílẹ̀-èdè Nọ́wè kan tó ń jẹ́ Sìtáínà Háúgẹ̀ ló fi ara rẹ̀ dán ọ̀rọ̀ yìí wò. Láàárín ọdún 1947 sí 1949, nǹkan bí 600 èèyàn ni inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru kọ lù ní ìlú Ọ́sílò. Ohun tí wọ́n jọ jẹ ni ọbẹ̀ dídùn kan tí wọ́n fi ìyẹ̀fun àgbàdo mú ki, bíi ti ẹ̀kọ mímu wa. Ọjọ́ kan ṣáájú ni wọ́n ti sè é, wọ́n sì fi í sílẹ̀ nínú ilé láìgbé e sínú òtútù. Háúgẹ̀ rí Básílọ́ọ̀sì séréọ́ọ̀sì nínú rẹ̀. Kí ó lè dá a lójú, ó fi bakitéríà náà sínú irú ọbẹ̀ yẹn, ó fi í sílẹ̀ fún wákàtí 24, ó wá mu nǹkan bí ife kan. Lẹ́yìn wákàtí 13, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ún, ìgbẹ́ gbuuru sì tẹ̀lé e fún nǹkan bí wákàtí mẹ́jọ.

Ẹ wo wákàtí 13 yẹn dáadáa. Ẹni tó jẹ irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ ní ọ̀sán lè máà mọ nǹkan kan títí di alẹ́. Ìdí nìyẹn tí a fi máa ń di ẹ̀bi ru ohun tí a jẹ gbẹ̀yìn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò òru kan

Nínú ooru dígírì 30 sí 37, tó jẹ́ irú èyí tó wà nínú iyàrá wa ní oṣù kẹta, bakitéríà yìí lè di ìlọ́po méjì ní ìṣẹ́jú 20 sí 30. Ẹ jẹ́ ká mú 30.

Ẹ kà á sí pé giráàmù kọ̀ọ̀kan mọ́ínmọ́ín ní sípóò 10 péré, ìyẹn nínú ìwọ̀n tí kò kún ṣíbí kékeré. Wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní aago mẹ́jọ alẹ́. Ẹ jẹ́ ká fún sípóò ní wákàtí méjì kí oúnjẹ fi tutù, kí òun náà sì fi jí. Aago mẹ́wàá alẹ́ ti lù nìyẹn. Tó bá di aago mẹ́ta òru, 10 yẹn á ti di nǹkan bí 10,000. Ní aago márùn-ún ìdájí, á ti kọjá 160,000. Ibi tí àwọn onímọ̀ ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù ni 100,000 nínú giráàmù kan. Ìyẹn ni pé nígbà tí mùẹ́síìnì ń pe ìrun ìdájí, mọ́ínmọ́ín tí ẹ fi sùn ti kọjá ààlà, kò sì tíì sí òórùn kankan tó máa sọ fún yín.

Àwọn àgbà wa kan máa ń sọ pé, "Àwa ń jẹ mọ́ínmọ́ín àná láti kékeré, kò ṣe wá ní nǹkan kan." Wọn kò purọ́. Ẹ bi wọ́n pé oṣù wo ni. Nígbà ọyẹ́ ní Ṣakí, òtútù òru lè sọ ìgbóná iyàrá di nǹkan bí dígírì 20 tàbí kó má tó o. Níbẹ̀, bakitéríà yìí kan náà lè gba wákàtí kan àbọ̀ tàbí méjì kó tó di ìlọ́po méjì. Tó bá jẹ́ wákàtí méjì, 10 yẹn kò ní ju 320 lọ lẹ́yìn wákàtí mẹ́wàá. Oúnjẹ kan náà ni, òru kan náà ni, ohun tó yàtọ̀ ni ooru. Ẹni tó bá gbé ìrírí oṣù kejìlá wá lo ní oṣù kẹta ló máa kó sí wàhálà.

Kúlà tí à ń yìn

Lẹ́yìn ìkómọ yẹn, mo ra tẹmómítà oúnjẹ, èyí tó ní irin ṣóńṣó tí wọ́n ń tì bọ inú oúnjẹ. Mo se mọ́ínmọ́ín nílé, mo sọ ọ́ kalẹ̀ ní aago mẹ́jọ alẹ́. Ìgbóná iyàrá jẹ́ dígírì 31. Mo to díẹ̀ sórí tíréè, láìkó wọn lé ara wọn. Mo kó ìyókù sínú kúlà, mo dé e.

Ti orí tíréè ti bọ́ sí 52 ní aago mẹ́sàn-án, ó di 39 ní aago mẹ́wàá, ó sì di 34 ní aago mọ́kànlá. Ti inú kúlà ṣì wà ní 66 ní ọ̀gànjọ́ òru. Ní aago mẹ́rin ó di 51. Ní aago mẹ́fà àárọ̀ ó di 46.

Tí oúnjẹ bá gbóná ju dígírì 60 lọ, bakitéríà kò lè bí sí i nínú rẹ̀. Kúlà ṣe dáadáa títí di ọ̀gànjọ́ òru. Ẹni tó bá ṣí i ní aago mẹ́wàá tó jẹ ẹ́, oúnjẹ tó gbóná dáadáa ló jẹ. Láti ibẹ̀ lọ ni nǹkan yí padà. Kúlà tó mú kí oúnjẹ pẹ́ lórí ooru náà ló mú kó máa falẹ̀ kọjá láàárín 50 sí 30. Bakitéríà mìíràn wà tó fẹ́ràn ibẹ̀ jù, orúkọ rẹ̀ ni Kilọsitírídíọ́ọ̀mù pafirínjẹ́ǹsì. Òun náà ń fi sípóò sùn, kò sì fẹ́ afẹ́fẹ́ rárá. Ní nǹkan bí dígírì 43 sí 46, ó lè di ìlọ́po méjì ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré. Inú mọ́ínmọ́ín tó ki, tí híhó ti lé afẹ́fẹ́ jáde nínú rẹ̀, ni ilé tó wù ú. Ìgbẹ́ gbuuru tó ń fà sì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní wákàtí mẹ́jọ sí 16 lẹ́yìn tí èèyàn bá jẹun. A jẹun ní ọ̀sán, inú ń run wá ní aago mẹ́wàá alẹ́. Ẹ ṣírò ó.

Nítorí náà, "ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́" tí a fi ń yin kúlà lọ́jọ́ yẹn ni àmì tó burú jù. Oúnjẹ gbọ́dọ̀ jóni lọ́wọ́ tàbí kó tutù pátá. Àárín méjèèjì ni ewu wà.

Kí ló yọ àkàrà?

Òróró tó ti gbóná dé ojú ìdín máa ń tó nǹkan bí dígírì 170 sí 190. Ariwo ṣàà tí ẹ máa ń gbọ́ tí wọ́n bá da ẹ̀wà sí i, omi ara ẹ̀wà ló ń di èéfín tó ń sá jáde. Bí omi yẹn ṣe ń lọ, ara àkàrà á gbẹ, á le, á di èèpo. Bakitéríà tó bá bọ́ lé èèpo gbígbẹ láti ọwọ́ tàbí láti inú afẹ́fẹ́ kò rí omi mu níbẹ̀, kò sì lè bí. Àkàrà tún kéré, wọ́n sì máa ń kó o síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ sí i. Èyí tí mo dín tutù dé ìgbóná iyàrá láàárín wákàtí kan. Kò dúró pẹ́ ní àárín 50 sí 40 bíi ti inú kúlà. Bí òru sì ṣe ń lọ, ó tún ń gbẹ sí i.

Ẹ má tìtorí èyí rò pé àkàrà kò lè bàjẹ́ o. Ẹ bẹ́ ẹ sí méjì kí ẹ wo inú rẹ̀. Funfun rírọ̀ tó wà níbẹ̀ ṣì tutù, ooru ibẹ̀ nígbà tí ẹ ń dín in kò sì ju ti omi híhó lọ. Sípóò wà níbẹ̀ bó ṣe wà nínú mọ́ínmọ́ín. Èèpo gbígbẹ àti títutù kíákíá ló ń dáàbò bò ó, tí ẹ bá sì mú ìyẹn kúrò, ó parí.

Ohun tó sì ń mú un kúrò ni ọ̀rá. Lálẹ́ ọjọ́ kan náà, mo kó àkàrà gbígbóná díẹ̀ sínú ọ̀rá, mo so ó, mo kó ìyókù sínú apẹ̀rẹ̀. Nígbà tó máa di àárọ̀, omi ti ṣẹ́ sí ara ọ̀rá nínú, èèpo àkàrà ti rọ̀ bẹ̀lẹ̀jẹ̀. Nígbà tó fi di ọ̀sán, mo fà á ya, ó ń fà bí ilá. Ti inú apẹ̀rẹ̀ le nígbà yẹn, ó gbẹ lẹ́nu, kò dùn mọ́, àmọ́ kò fà. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì ni inú tirẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kan. Àkàrà tí ẹ bá so mọ́ ọ̀rá nígbà tó ṣì ń ru èéfín ti di mọ́ínmọ́ín tí wọ́n fi òróró sè.

Imú kò tó, iná kò tó

Mọ́ínmọ́ín orí tíréè kò rùn ní aago mẹ́fà àárọ̀. Ní nǹkan bí aago mọ́kànlá, ó ti ń yọ̀, okùn tín-ínrín ń tẹ̀lé ṣíbí. Ẹni tó bá mọ irú mọ okùn yẹn àti òórùn rẹ̀. Ìbátan Básílọ́ọ̀sì séréọ́ọ̀sì, tó ń jẹ́ Básílọ́ọ̀sì sọ́títílísì, ló ń sọ igbá di irú, tó ń mú kó yọ̀ kó sì rùn bẹ́ẹ̀. Nínú irú, iṣẹ́ tí a bẹ̀ ẹ́ ló ń ṣe. Nínú mọ́ínmọ́ín, a kò bẹ̀ ẹ́.

Nítorí náà, tí mọ́ínmọ́ín bá ń fà, tó ń kan, tó ń domi, tàbí tí ihò kéékèèké tí kò sí níbẹ̀ lánàá bá wà nínú rẹ̀, ẹ dà á nù. Ṣùgbọ́n àìsí àmì kò túmọ̀ sí pé kò sí ewu. Èyí tí mo kó sínú kúlà kò fà, kò rùn ní àárọ̀, bíi ti ọjọ́ ìkómọ gẹ́lẹ́.

"Ṣé tí mo bá gbé e padà sórí iná ńkọ́?" Mo mọ̀ pé ẹ máa bi mí. Iná á pa bakitéríà tó ti jí, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n irú Básílọ́ọ̀sì séréọ́ọ̀sì kan wà tó máa ń tu májèlé sínú oúnjẹ nígbà tó ń bí sí i, májèlé tó ń fa èébì láàárín wákàtí kan sí mẹ́fà. Omi híhó kò lè ba májèlé yẹn jẹ́, òróró gbígbóná pàápàá kò ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé. Mọ́ínmọ́ín àná tí wọ́n gé sí wẹ́wẹ́ tí wọ́n dín láàárọ̀ lè máa ta sánsán, kó sì ṣì ní májèlé nínú.

Wákàtí mélòó wá ni?

Ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2001 kò fi àkàrà sọ́tọ̀ kúrò lára mọ́ínmọ́ín: oúnjẹ tí a ti sè kò gbọ́dọ̀ wà ní ìta ju wákàtí méjì lọ. Kó gbóná ju 60 lọ, tàbí kó wọ fìríìjì tí kò tó 5. Ohun tí mo ṣàlàyé nípa àkàrà ń sọ ìdí tó fi máa ń pẹ́ ju mọ́ínmọ́ín lọ ni, kò sọ ọ́ di oúnjẹ tí kò léwu. Ẹ má fún ọmọ kékeré, aláboyún tàbí arúgbó ní èyíkéyìí tó sùn síta.

Ní ilé tí iná kì í ti í dúró, ohun tí èmi ń ṣe rèé. Mọ́ínmọ́ín tí mo sè lálẹ́, alẹ́ yẹn la ó jẹ ẹ́. Èyí tó bá máa kù, mo máa ń gbé e sínú abọ́ omi tútù pẹ̀lú ọ̀rá tí wọ́n fi dì í, tí mo bá ti rí i pé kò jò. Mo á pààrọ̀ omi náà lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì, á tutù láàárín wákàtí kan, á sì wọ fìríìjì. Tí kò bá sí fìríìjì tó tutù, kò sí mọ́ínmọ́ín àná lọ́dọ̀ mi ní ìgbà ooru. Tó bá ti lo wákàtí mẹ́rin síta, àwọn ewúrẹ́ ló ni ín.

Àkàrà tí mo dín láàárọ̀, ọjọ́ yẹn náà ni mo ń jẹ ẹ́ tán. Mo máa ń dín in kéékèèké kí iná lè wọ inú rẹ̀, mo ń tẹ́ ẹ sórí apẹ̀rẹ̀ láìkó o lé ara rẹ̀, ọ̀rá kì í sì í kan án títí á fi tutù. Ẹni tí ọ̀nà rẹ̀ jìn, tó ń lọ láti Ṣakí sí Ìbàdàn, bébà ni kó fi wé e.

Lọ́dún yìí, ìkómọ mìíràn tún bọ́ sí ilé wa. Ìyá àgbà kò jẹ́ kí wọ́n se mọ́ínmọ́ín ní alẹ́. Wọ́n ti bó ẹ̀wà tẹ́lẹ̀, wọ́n sá a gbẹ, wọ́n sì gbé e pamọ́, nítorí sípóò tí kò rí omi kò lè jí. Ìdájí Sátidé ni wọ́n rẹ ẹ́ díẹ̀, wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ ọlọ́ta, ìkòkò sì wà lórí iná ní aago mẹ́jọ. Kúlà náà jáde o, ó sì ṣiṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti aago mẹ́wàá àárọ̀ sí ọ̀sán ni, nígbà tí mọ́ínmọ́ín inú rẹ̀ ṣì ń jóni lọ́wọ́.